Àpò símẹ́ńtì kan, òpó méjì: bí a ṣe po kọnkéré sítáǹdì táǹkì wa ní Kuje

Sátidé, oṣù Kẹta

Àpò símẹ́ńtì tó ṣófo ni mo kọ́kọ́ kà nígbà tí mo dé orí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹyọ kan péré ni. Òpó méjì sì ti dúró, wọ́n ti kún dé ẹnu, omi ṣì ń sun lára pákó tí káfíńtà kàn yí wọn ká. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwọn àpò tó kù ńkọ́?" Ọ̀gá bíríkìlà wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́lá, a ò fi símẹ́ńtì yín ṣòfò rárá. Àpò kan ló ká òpó méjèèjì."

Bí wọ́n ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni àyà mi já. Òpó kan ṣoṣo ló yẹ kí àpò kan gbé.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà ná. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn ilé wa ní Kuje, a sì fẹ́ gbé táǹkì lítà 2,000 sókè kí omi lè máa sáré wọlé fúnra rẹ̀. Táǹkì náà bá kún, omi inú rẹ̀ nìkan wọn kílò 2,000. Òpó mẹ́rin ló máa gbé e. Ìbú òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3. Lórí wọn ni bíìmù máa wà, kí dẹ́kìn tó bọ́ sórí bíìmù. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ 1:2:4 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin. Ọjọ́ tí a da ìpìlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì wọ́n. Ọjọ́ òpó ni kò sí ẹnìkan nílé. Èmi wà ní ilé ìwé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, a sì ní ìpàdé òbí lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò tó jẹ́ kí àyà mi já kò le rárá. Símẹ́ńtì inú àpò kílò 50 máa ń tó bíi lítà 35. Tí a bá fi yanrìn lítà 70 àti gíráníìtì lítà 140 kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 245 kí a tó pò ó. Ṣùgbọ́n tí a bá pò ó tán, kò ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlàfo pọ̀ láàárín gíráníìtì, yanrìn ló máa wọnú rẹ̀. Àlàfo wà láàárín yanrìn náà, símẹ́ńtì àti omi ló máa dí i. Ohun tó máa kù lọ́wọ́ ẹni kò ju nǹkan bíi lítà 160 lọ. Ẹ wá wo òpó kan: 0.23 lọ́nà 0.23 lọ́nà 3, ìyẹn lítà 159. Àpò kan fún òpó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba gẹ́lẹ́. Tí àpò kan bá wá kún òpó méjì, a jẹ́ pé yanrìn àti òkúta ló kún un, símẹ́ńtì kàn ń bẹ láàárín wọn bí àlejò ni.

Mi ò pariwo. Mo ní kí Bàbá fi bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n hàn mí. Wọ́n tọ́ka sí bárò: "Símẹ́ńtì kan, bárò yanrìn méjì, bárò gíráníìtì mẹ́rin. 1:2:4 náà nìyẹn." Mo sì rí i pé wọn ò jalè, wọn ò sì parọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ní agbègbè yìí náà sì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé "kan" àkọ́kọ́ jẹ́ àpò, "méjì" àti "mẹ́rin" sì jẹ́ bárò, bẹ́ẹ̀ àpò àti bárò kì í ṣe ẹgbẹ́. Ohun tí a bá fi wọn símẹ́ńtì náà la gbọ́dọ̀ fi wọn ìyókù.

Ajé, a tú pákó

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí n tó ní kí wọ́n wó o. Nígbà tí káfíńtà tú pákó òpó àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ lókè dán díẹ̀, ṣùgbọ́n láti orúnkún sílẹ̀ ó ṣí ihò-ihò bí afárá oyin, òkúta dúró lórí òkúta láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀. Mo fi ìṣó ha igun rẹ̀. Lára kọnkéré tó dára, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìṣó máa ń fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ti èyí ń já bọ́ bí àkàrà tó ti gbẹ, yanrìn ń tú sí mi lọ́wọ́. Mo fi òòlù kékeré gbá a, ohùn rẹ̀ kú, kò dún ganran.

Mo pe àbúrò ọkọ mi lórí fóònù, mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní ká wó méjèèjì. Àwọn lébìrà méjì wó wọn tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Kọnkéré tó yẹ kó gbé ẹgbẹ̀rún méjì kílò kò yẹ kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti wó. A fi búrọ́ọ̀ṣì irin nu ara irin inú wọn, a sì lò wọ́n padà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ìwọ̀n

Ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ a ò da kọnkéré kankan.

A mú rọ́bà pẹ́ńtì ńlá kan. Wọ́n máa ń pè é ní rọ́bà lítà 20, ṣùgbọ́n tó bá kún dé ẹnu ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mi ò gbà á gbọ́. Mo mú ike omi lítà kan, mo bu omi inú rẹ̀ sínú rọ́bà lẹ́ẹ̀mejìlélógún ní ìgbà àkọ́kọ́ nítorí pé mo ṣi kíkà, mo dà á nù, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ike, a fi máákà fa ìlà sí ibi tí omi dé. Ìlà yẹn ni lítà 20 wa láti ọjọ́ náà.

Bárò la kọ́kọ́ wọ̀n. A ò fi omi wọ̀n ọ́n, torí ẹnu bárò kì í tẹ́jú, omi máa dà nù níwájú kí ẹ̀yìn tó kún. Yanrìn gbígbẹ la bù sí i, rọ́bà kan tẹ̀ lé òmíràn, a sì fi pákó tó tọ́ gé orí rẹ̀. Bárò tí a gé orí rẹ̀ gba rọ́bà mẹ́ta àti díẹ̀, ìyẹn lítà 65. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọmọkùnrin tó kún un ní Sátidé kún un bó ṣe máa ń kún un, tí yóò fi dà bí òkè kékeré. A wọ̀n ìyẹn náà: lítà 84. Bárò kan náà ni o, ọwọ́ ẹni tó ń kún un ló fi lítà 19 kún un.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé àwọn nọ́ńbà Sátidé kalẹ̀. Símẹ́ńtì lítà 35. Yanrìn bárò méjì olókè, lítà 168. Gíráníìtì bárò mẹ́rin, lítà 336. Tí ẹ bá fi 35 pín wọn, ohun tí a dà kì í ṣe 1:2:4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1:5:10. Èyí tí ẹnjiníà béèrè máa ń jẹ símẹ́ńtì bíi àpò mẹ́fà àti díẹ̀ fún mítà kan lọ́nà mẹ́ta. Tiwa kò ju bíi àpò mẹ́ta lọ. Bàbá jókòó sórí bulọ́ọ̀kù kan, wọ́n ń wo nọ́ńbà tí mo kọ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Àwa ti ń ṣe é báyìí tipẹ́ o." Mo ní, "Bàbá, mo mọ̀." Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Páànù tí wọ́n fi ń ru kọnkéré náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Mẹ́rin ló wà lórí iṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn gba lítà 14 tí a bá gé orí rẹ̀, ẹ̀kẹrin ti gbó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wọ inú, lítà 12 ló gbà. A yọ ìyẹn kúrò nínú ìwọ̀n, a ní kí wọ́n máa fi kó ìdọ̀tí. Lítà 14 yìí bọ́ sí i gan-an: páànù márùn-ún jẹ́ 70, mẹ́wàá jẹ́ 140. Nítorí náà, pẹ̀lú páànù tiwa, àpò kan, páànù yanrìn márùn-ún, páànù gíráníìtì mẹ́wàá ni 1:2:4. Ẹ má kàn gbé nọ́ńbà yìí lọ sí orí iṣẹ́ yín o, páànù ọjà ò dọ́gba. Ẹ wọn tiyín.

Símẹ́ńtì nìkan ni a kì í fi páànù wọ̀n. Símẹ́ńtì tí wọ́n bá tú jáde máa ń wú pẹ̀lú afẹ́fẹ́, páànù kan lónìí lè fúyẹ́ ju ti àná lọ. Odindi àpò ni kí ẹ máa lò fún ìpò kọ̀ọ̀kan, kí yanrìn àti òkúta wá tẹ̀ lé e. Ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí kíkà àpò òfìfo ní ìtumọ̀ nírọ̀lẹ́.

Káfíńtà kan àpótí kan fún wa: sẹ̀ǹtímítà 40 ní gígùn, 35 ní ìbú, 25 ní gíga. Ìyẹn jẹ́ lítà 35 gẹ́lẹ́, ó bá àpò símẹ́ńtì kan mu. Kò ní ìdí, ó kàn ní ọwọ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ìpò, ẹ kún un, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ sì gbé e sókè, yanrìn yóò jókòó síbẹ̀. Ẹ ò nílò láti gbé ẹrù kílò 50 láti da á nù.

Ọjọ́bọ̀, òpó mẹ́rin, ọwọ́ la fi pò ó

Ní Sátidé, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti pò ó. Ilẹ̀ pupa yìí máa ń fa omi símẹ́ńtì mu, ṣọ́bìrì sì máa ń ha á mọ́ kọnkéré. Nítorí náà ní Ọjọ́rú a da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbi tí a fẹ́ máa fọ aṣọ lọ́jọ́ iwájú, a fi símẹ́ńtì dán ojú rẹ̀, ibẹ̀ sì di ilẹ̀ ìpò wa.

Fún ìpò ọwọ́, àbúrò ọkọ mi ní ká fi símẹ́ńtì ìdá mẹ́wàá kún un, torí ọwọ́ kì í lè po gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ máa ya àpò. Dípò ìyẹn, a dín yanrìn àti òkúta kù. Mo ní kí káfíńtà fi ìṣó sàmì sí inú àpótí náà, sẹ̀ǹtímítà 2.5 sísàlẹ̀ ẹnu, a sì ń kún un dé àmì yẹn. Àpótí yanrìn méjì, àpótí gíráníìtì mẹ́rin, odindi àpò símẹ́ńtì kan. Nǹkan bíi lítà 145 ló ń jáde báyìí, kì í ṣe 160 mọ́. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ lítà 635. Ìpò márùn-ún la nílò.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Yanrìn kọ́kọ́ sílẹ̀, símẹ́ńtì sórí rẹ̀. Àwọn méjì dojú kọ ara wọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹta, láìfi omi kán an. Àwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tí ẹ bá ṣì rí ìlà eérú níbì kan, tí ibòmíràn sì pọ́n, kò tíì pò. Àfìgbà tó bá di àwọ̀ kan ṣoṣo ni kí gíráníìtì tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n tún yí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa dá kòtò sí àárín rẹ̀ fún omi. Níbí ni ìpò ọwọ́ ti máa ń bàjẹ́ jù lọ: tí omi bá pọ̀ nínú kòtò, yóò ya ẹ̀gbẹ́, yóò sì sáré lọ, símẹ́ńtì ló máa gbé lọ kì í ṣe òkúta. Omi eérú tó ń ṣàn lọ sí kọ̀rọ̀ yẹn, owó yín ni, agbára òpó yín sì ni. A pín omi sí ọ̀nà mẹ́ta, a ń dà á díẹ̀díẹ̀, a ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú.

Omi lítà 27 ni fún àpò kan, yanrìn wa gbẹ lọ́jọ́ náà. Mai ruwa ló ta omi fún wa nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ṣùgbọ́n rọ́bà alámì wa la fi ń wọ̀n ọ́n. Kọnkéré lítà 27 máa ń ṣòro fún lébìrà láti yí, ohun tó sì máa ń fa wàhálà nìyẹn. Ẹ̀yìn wọn ń dùn wọ́n, omi sì máa ń mú kó rọrùn. Ọ̀dọ́kùnrin Háúsá tó wà nídìí ṣọ́bìrì ń bẹ̀ mí, "Haja, ƙara ruwa." Mo ń dá a lóhùn pé, "Ya isa." Ó tó. Èmi náà mọ̀ pé kò rọrùn, mo fi kún owó ọjọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kí n má baà máa fi ojú lásán díwọ̀n bí kọnkéré náà ṣe rọ̀ tó, mo ti ní kí alágbẹ̀dẹ páànù kan ṣe fọ́nnẹ̀lì fún mi: gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30, ìsàlẹ̀ fẹ̀ ní 20, òkè fẹ̀ ní 10. Wọ́n máa kún un ní ìpele mẹ́ta, wọ́n sì máa fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25. Tí wọ́n bá fà á sókè jẹ́jẹ́, kọnkéré yóò rọ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì fi tépù wọn iye tó fi wálẹ̀. Ìpò àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, èkejì ní 7. Ẹ̀kẹta wálẹ̀ ní 16. Ojú mi kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo ń gba ìpè kan, ẹnìkan sì ti da abọ́ omi kan sí i. Mo ní kí wọ́n má gbé e sínú òpó, ibi ìfọṣọ ló lọ. Àwọn tó kù padà sí 6 àti 8. Nítorí èyí tí a yọ, ìpò mẹ́fà la ṣe, àpò mẹ́fà ni mo kà nírọ̀lẹ́, mo sì mọ ibi tí ìkẹfà lọ.

Ìpò kan gba ènìyàn mẹ́rin ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 25. Fún òpó, ìyẹn dára, torí Bàbá nílò àkókò láti fi ọ̀pá irin gún kọnkéré inú pákó kó má baà ní ihò. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà á: kò sí ohun tó burú nínú fífi ọwọ́ po kọnkéré òpó. Àwọn òpó wọ̀nyí ni mo fi ìṣó ha lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìlà funfun ni wọ́n fà. A fi àpò ìrẹsì tútù wé wọn, a sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje.

Sátidé, òpin oṣù Kẹrin, dẹ́kìn

Dẹ́kìn yàtọ̀. Mítà 2.4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 15 ní nínípọn, bíìmù sì wà lábẹ́ rẹ̀ yí ká. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 1,360. Pín in sí 160, àpò mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ pè é ní mẹ́sàn-án. Tí a bá fi ọwọ́ pò ó, ìṣẹ́jú 25 lọ́nà mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Nínú oòrùn Àbújá, èyí tí a kọ́kọ́ dà yóò ti máa le kí ti ìparí tó bá a, ìlà yóò sì wà láàárín àtijọ́ àti tuntun tí kò ní lẹ̀ mọ́ra. Níbi tí omi táǹkì ń kán sí lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni omi máa gbà dé ara irin. Ìdí tí a fi yá míkísà nìyẹn: nítorí àkókò.

Míkísà náà jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 10/7, ó ń gba àpò kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lo dísù. Ẹni tó ń darí rẹ̀ dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì tirẹ̀, ó sì fẹ́ máa fi í ju yanrìn sínú rẹ̀. Mo ní kó jọ̀wọ́, páànù ni. Ó ní, "Madam, ẹ̀rọ máa pò ó dáadáa." Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rọ máa po ohun tí wọ́n bá fún un. Tí wọ́n bá fún un ní 1:5:10, yóò po 1:5:10 dáadáa, yóò sì po mẹ́wàá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i.

Òjò ti rọ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ náà, òjò gidi àkọ́kọ́ ọdún yìí. Tapólì bo yanrìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ti tutù. Ibí ni mo ti kọ́ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Yanrìn tó tutù díẹ̀ máa ń wú. Omi tó lẹ̀ mọ́ ara hóró kọ̀ọ̀kan ń tì wọ́n sẹ́yìn fún ara wọn, nítorí náà páànù kan tí ó kún fún yanrìn tútù kéré ní yanrìn ju èyí tó gbẹ lọ. Àbúrò ọkọ mi ṣe é lójú wa: ó bu yanrìn tútù sínú ike kan títí ó fi ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó da omi sí i títí tó fi bò ó, ó sì fi ọ̀pá rò ó. Yanrìn náà wálẹ̀ sí 16. Ìyẹn ni pé ó ti wú ní ìdá mẹ́rin. Bí a bá kàn bu páànù márùn-ún, mẹ́rin ni a ń dà ní tòótọ́, kọnkéré yóò sì ní òkúta púpọ̀ jù, ojú rẹ̀ yóò le fún Bàbá láti dán. Nítorí náà a bu páànù mẹ́fà, a sì fi rọ́bà pẹ́ńtì kékeré lítà mẹ́rin kún un, èyí tí a kò kún dé ẹnu.

Ohun kejì ni omi tó ti wà nínú yanrìn náà. Ó tó bíi lítà 5 fún àpò kan. A yọ ọ́ kúrò nínú 27, a fi 22 sí i. Mo rí i lójú ẹni míkísà pé ó rò pé mo ń ṣahun omi.

A to nǹkan sínú ẹ̀rọ báyìí: omi bíi ìdajì àti gíráníìtì lákọ̀ọ́kọ́, kí òkúta fọ ara ẹ̀rọ, símẹ́ńtì tẹ̀ lé e, yanrìn, lẹ́yìn náà omi tó kù. Tí símẹ́ńtì bá kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ tútù, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ ó sì rí kókó símẹ́ńtì nínú kọnkéré. Ìpò àkọ́kọ́ máa ń jáde pẹ̀lú òkúta púpọ̀ nítorí pé ara ẹ̀rọ ti gba símẹ́ńtì àti yanrìn rẹ̀ díẹ̀. Nínú ìyẹn nìkan, páànù gíráníìtì méje la fi sí i, kì í ṣe mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti wọlé, mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú méjì. Ẹni míkísà fẹ́ máa dà á jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, òkúta kan tàbí méjì ṣì máa gbẹ lẹ́yìn. Ní ìṣẹ́jú méjì, gbogbo wọn ti wọṣọ.

Kíkà ni mo bẹ̀rù jù, torí iṣẹ́ yìí yára. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Gbagyi méjì ló ń gbé gíráníìtì, wọ́n ń gbé páànù lé èjìká, kì í ṣe orí, bí ìṣe wọn. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sínú abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Páànù kan wọlé, òkúta kan bọ́ sínú abọ́ kejì. Tí abọ́ àkọ́kọ́ bá ṣófo, gíráníìtì ti pé. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ṣìnà, nígbà tí páànù àgbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú yẹn tún yọ́ wọ inú iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan gé orí páànù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pákó, iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan nìyẹn ní gbogbo ọjọ́.

Fọ́nnẹ̀lì wa sọ ìyàtọ̀ ọwọ́ àti ẹ̀rọ fún mi. Pẹ̀lú ọwọ́ ó wà láàárín 6 sí 8, láìka ti 16 tí a yọ. Pẹ̀lú míkísà, mo wọ̀n ìpò mẹ́ta, 7, 7 àti 8. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tí a wọ̀n dáadáa kéré. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí tí a wọ̀n àti èyí tí ẹnìkan da abọ́ omi sí. Ìpò kan ń gba ìṣẹ́jú bíi méje, a parí ní wákàtí kan lé díẹ̀, ojú dẹ́kìn ṣì rọ̀ nígbà tí Bàbá fi pákó gígùn fà á.

Iṣẹ́ tó ju èyí lọ, ilé alájà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mi ò ní fi páànù ṣe é. Ibẹ̀ ìwúwo ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n, ẹnjiníà sì máa ń da kọnkéré díẹ̀ sínú àpótí kékeré, wọ́n á fọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ 7 àti 28 kí wọ́n lè mọ agbára rẹ̀. Fún sítáǹdì táǹkì, ṣọ́ọ̀bù, ilé ilẹ̀, páànù tí a wọ̀n tó.

Nírọ̀lẹ́, mo ka àpò: mẹ́sàn-án. Díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ìpò ìkẹsàn-án, ó bọ́ sí ibi ìfọṣọ. Bàbá ti kà wọ́n kí n tó kà wọ́n, wọ́n sì ti kó wọn jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ fún mi ní àpótí yẹn tí ẹ bá parí. Mo ní òpó mẹ́jọ láti dà ní Gwagwalada lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Etí kan nínú rẹ̀ ti ń jẹ nítorí gíráníìtì, wọ́n ní àwọn máa fi irin bò ó.